Ìràbù láti inú orúkọ Nùrùdéènì: bí a ṣe ń mọ ohun tó yẹ kó parí ọ̀rọ̀ Lárúbáwá

Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé kéwú kan ní Òkè Ìmàlè ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ pariwo “Nùrùdéènì!” Bí ọmọ méjì kò bá dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, á jẹ́ pé ọjọ́ Jímọ̀ ni, wọn ò wá sí kéwú. Ẹ pe Àbúdúláì, bákan náà ni. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń jẹ́ orúkọ tí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú Ìràbù, ìmọ̀ bí ìparí ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ṣe ń yí padà, wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá ka Àlùkùránì tán, tí wọ́n ṣe wọlímọ̀ tán, tí wọ́n wá kan ìwé tí kò ní àmì lórí, ni ahọ́n wọn máa ń wọ́lẹ̀.

Èmi náà rí i. Ní ọdún tí mo ṣe wọlímọ̀, Áfáà wa fi kálàmù kọ ìlà kan ṣoṣo sára wàláà, kò fi àmì kankan sí i, ó ní kí n kà á. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Nùrùdéènì kọ lẹ́tà sí Àbúdúláì. Mo kà á wàrà: “Kataba Nuuru-d-Diini risaalatan ilaa Abdu-llaahi.” Ó dá mi lójú, torí bí ìyá Àbúdúláì ṣe ń pè é nìyẹn. Áfáà kò nà mí. Ó kọjú sí Àbúdúláì tó jókòó tì mí, ó ní, “Wọ́n kọ lẹ́tà sí ẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó kà á yìí ò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ẹ.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀nà tí Áfáà gbà fi yé mi lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ohun tí mo fi kún un láti ìgbà tí èmi náà ti ń kọ́ àwọn ọmọ, ni mo fẹ́ kọ síbí.

Mo fi lẹ́tà tiwa kọ àwọn ọ̀rọ̀ Lárúbáwá, n kò sì fi àmì ohùn sí wọn. Fáwẹ̀lì tí ẹ bá rí ní méjì, ẹ fà á. Àmì tó dà bíi wáù kékeré lórí lẹ́tà ni mo ń pè ní “u”, ìlà tó wà lókè ni “a”, ìlà tó wà nísàlẹ̀ ni “i”. Ráfú, násíbù àti járì ni àwọn áfáà ń pe ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ẹ jẹ́ kí etí yín mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n “u, a, i” ti tó wa lò.

Ohun tó ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀

Àwọn kan máa ń sọ pé Yorùbá kò ní irú nǹkan báyìí, pé ìdí nìyẹn tó fi le fún wa. Ó ní in, ó kàn kéré ni. “Mo” àti “mi”, ẹnì kan náà ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò sọ pé “Mi rí Àdùkẹ́.” Bí èmi bá ṣe nǹkan, “mo” ni, bí wọ́n bá ṣe é sí mi, “mi” ni, bí nǹkan bá jẹ́ tèmi, “mi” náà ni.

Ti ọ̀rọ̀-orúkọ farasin díẹ̀. Ẹ pe “ọmọ” lásán: ohùn àárín ló parí rẹ̀. Ẹ wá sọ pé “Ọmọ́ jẹun.” Ẹ gbọ́ bí ìparí rẹ̀ ṣe gòkè? Ẹ tún sọ pé “Mo rí ọmọ.” Kò gòkè mọ́. Ohùn tó gòkè yẹn ló ń sọ fún wa pé ọmọ ló ṣe ohun tí a fẹ́ sọ. A kì í sábà kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n a ò lè ṣàìsọ ọ́. Ibi tí a ti ń lo ohùn yìí, fáwẹ̀lì ni Lárúbáwá ń lò níbẹ̀, kò sì fi mọ sórí ẹni tó ṣe nǹkan nìkan.

Ní ti ìyókù, ipò ni Yorùbá gbára lé. “Àyìndé na Àkànní”: bí ẹ bá pààrọ̀ wọn, ẹlòmíràn ni ara ń dùn. Ní Lárúbáwá, ẹ lè ti ọ̀rọ̀ síwá tàbí sẹ́yìn, ìparí rẹ̀ ni yóò sọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ẹ tú orúkọ náà palẹ̀

“Nuur” ni ìmọ́lẹ̀, “Diin” ni ẹ̀sìn. Nuuru-d-Diini: ìmọ́lẹ̀ ẹ̀sìn. Ẹ̀sìn ló ni ìmọ́lẹ̀, ẹni tó bá sì ni nǹkan, “i” ló ń gbé ní ìparí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ “Diini”. Kò sí ibi tí ẹ máa gbé orúkọ yìí sí nínú gbólóhùn tí “Diini” yóò yí padà, torí òun ni ó ni Nuur níbikíbi tó bá wà. “Nuur” tó ṣíwájú ló ń bá gbólóhùn ṣe. Bí a bá dárúkọ rẹ̀ lásán, ó gbé “u”. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá yí, fáwẹ̀lì rẹ̀ á yí.

Àbúdúláì náà nìyẹn: Abdu-llaahi, ẹrú Ọlọ́run. “Abdu” lè di “Abda”, ó lè di “Abdi”, ṣùgbọ́n “llaahi” kì í kúrò níbi tó wà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Àbúdúsàlámì ni orúkọ ọmọ Shehu Àlímì tó kọ́kọ́ jẹ Ẹ́míà ní Ìlọrin: Abdu-s-Salaami. Ẹ wá wo ohun tí àwa Yorùbá ṣe sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀. A gé “Abdu” sọnù, a mú èyí tó kù, a sì mú un pẹ̀lú “i” tó wà nídìí rẹ̀: Sàlámì. Bí Lámídì, Rámónì, Ràsákì àti Kádírì ṣe rí nìyẹn. Ẹ wá fi wọ́n wé Àlíù, Yésúfù, Yàkúbù àti Ádámù, àwọn tí wọn kò já kúrò lára ẹnikẹ́ni: “u” ni tiwọn. Mi ò sọ pé òfin ni o. Kàrímù àti Gàníyù náà já kúrò lára Abdu, wọ́n sì gbé “u”. Ẹnu wa kò fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, fáwẹ̀lì tó bá rọrùn fún un ló máa ń tì í mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó tún dára tó Sàlámì àti Àlíù fún ọmọ kéwú láti fi rántí pé “i” ni ti olóhun, “u” ni ti ẹni tó dá dúró.

Ìgbésẹ̀ kìíní: “i” ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń bẹ̀rẹ̀ láti orí “u”, torí ibẹ̀ ni ìwé ti bẹ̀rẹ̀. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó mọ “u”, ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí gbólóhùn ń sọ. “I” kò bèèrè púpọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ ṣáà wo ohun tó wà níwájú ọ̀rọ̀ náà gan-an.

Bí ẹ bá rí min, ilaa, an, alaa, fii, bi tàbí li, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó dà bíi “láti”, “sí” àti “nínú”, ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ gbé “i”. “Fii-l-bayti”: nínú ilé. “Ilaa-l-masjidi”: sí mọ́ṣáláṣí. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ gbogbo wọn, ẹ fi “i” sí wọn, ẹ máa lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá olóhun. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀-orúkọ méjì bá ti tẹ̀ léra, tí ẹ lè fi “ti” sáàárín wọn ní Yorùbá. Èkejì ni olóhun, “i” sì ni tirẹ̀. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń ṣubú jù, torí ọ̀rọ̀ tó ń júwe nǹkan náà máa ń wà lẹ́yìn ohun tó ń júwe. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Ẹ wo “al”. Al-baytu-l-kabiiru: “al” wà lára méjèèjì, ilé ńlá náà ni, èkejì kàn ń da ìparí ti àkọ́kọ́ kọ ni. Baytu-l-kabiiri: “al” kò sí lára àkọ́kọ́, ilé ti ẹni ńlá ni, ilé àgbà. Olóhun kì í jẹ́ kí ohun tó ni gbé “al”.

Ìgbésẹ̀ kejì: ta ló ṣe é?

Ẹ wá ọ̀rọ̀-ìṣe báyìí, kí ẹ bi í pé ta ló ṣe é. Ẹni tó bá dáhùn ló gba “u”. Ẹ má ṣe bi í léèrè lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ ti fún ní “i”. Wọ́n ti níṣẹ́ lọ́wọ́.

Nígbà mìíràn, ẹ óò bèèrè, kò ní sí ẹni tó máa dáhùn, torí olùṣe ti wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe. “Katabtu” nìkan ti túmọ̀ sí “mo kọ”. Ẹ má wá “u” tí kò sí.

Bí kò bá sí ọ̀rọ̀-ìṣe rárá ńkọ́? Ilé náà tóbi: al-baytu kabiirun. Ohun tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ohun tí a sọ nípa rẹ̀, “u” ni àwọn méjèèjì ń gbé. Ṣùgbọ́n bí “inna” bá ṣíwájú wọn, àkọ́kọ́ á di “a”, èkejì á dúró sí ibi tó wà: inna-l-bayta kabiirun. Ẹ ti máa ń kà á nínú Àlùkùránì láti kékeré, inna-llaaha, láì béèrè ìdí tí kò fi jẹ́ inna-llaahu.

Ìgbésẹ̀ kẹta: èyí tó kù, “a” ni

Ohun tí wọ́n ṣe, ìgbà tí wọ́n ṣe é, bí wọ́n ṣe ṣe é: “a” ló sábà máa ń kó gbogbo wọn. “Yawma-l-jumuati”, ní ọjọ́ Jímọ̀. Ìgbà ni “yawma”, ó gba “a”. Jímọ̀ ló ni ọjọ́ náà, ó gba “i”.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ṣé “n” yóò wà níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí kò ní “al” níwájú, tí kò sì ní olóhun lẹ́yìn, máa ń fi “n” lé fáwẹ̀lì rẹ̀: kitaabun, kitaaban, kitaabin. Bí “al” bá wọlé, “n” á jáde. Bí olóhun bá wọlé, “n” á jáde bákan náà. Bí ẹ bá ka “al-kitaabun”, ẹ̀yin fúnra yín yẹ kí ẹ gbọ́ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí wàláà

Bí Áfáà ṣe kọ ọ́ láìsí àmì nìyí, mo fi ìlà sí ibi tí ìparí kò tíì sí: Kataba Nuur_ d-Diin_ risaalat_ ilaa Abd_ llaah_.

“I” ni a ó kọ́kọ́ wá. “Ilaa” wà níwájú “Abd”, nítorí náà Abdi. Ibẹ̀ ni mo ti ṣubú lọ́jọ́ náà: mo gbé orúkọ wọlé bí wọ́n ṣe ń pè é ní ilé, n kò wo ohun tó ṣíwájú rẹ̀. Olóhun méjì ló wà: Diin ló ni Nuur, Ọlọ́run ló ni Abd. Nítorí náà Diini, llaahi. Ọ̀rọ̀ márùn-ún, a ti parí mẹ́ta láì tíì mọ ìtàn tí wọ́n ń sọ.

Ta ló kọ? Nuur, torí náà Nuuru. Kí ló kọ? Risaalat, lẹ́tà ni, torí náà risaalata. Ó ku “n”. Nuur àti Abd ní olóhun lẹ́yìn, “n” kò sí. Diin ní “al” níwájú (“d” kékeré tó ṣíwájú yẹn ni “l” rẹ̀ yí sí), kò sí “n”. Risaalat nìkan ni kò ní “al”, tí kò sì ní olóhun: risaalatan. Kataba Nuuru-d-Diini risaalatan ilaa Abdi-llaahi.

Nígbà tí mo kà á tán, Áfáà fi omi pa á rẹ́, ó kọ òmíràn: Kataba ilaa Nuur_ d-Diin_ Abd_ llaah_ risaalat_. Mo tún fẹ́ sọ pé Nùrùdéènì ló kọ ọ́, torí òun ni mo kọ́kọ́ rí. Ẹ gbé e gba inú ìgbésẹ̀ kan náà. “Ilaa” ti mú Nuur: Nuuri-d-Diini. Ta ló kù tó lè kọ̀wé? Abdu-llaahi. Òun wá ni olùkọ̀wé lónìí, lẹ́tà sì ń lọ sọ́dọ̀ Nùrùdéènì: Kataba ilaa Nuuri-d-Diini Abdu-llaahi risaalatan. Orúkọ tó ṣíwájú kọ́ ló ṣe iṣẹ́. Ìparí ló ń fi olùṣe hàn.

Ibi tí etí ti máa ń tan èèyàn

Etí ni ọmọ kéwú fi ń kọ́ ohun púpọ̀, etí sì ni yóò kọ́kọ́ ṣì í lọ́nà níbí. Níbi tí a bá ti dánu dúró, a kì í sábà pe fáwẹ̀lì ìparí. Gbólóhùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà yẹn, bí ẹ bá dúró lẹ́yìn rẹ̀, “risaalah” ni yóò jáde lẹ́nu yín. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi etí mọ ìparí ọ̀rọ̀ kan, ẹ so ó mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ má dúró lórí rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó búra pé “a-r-Rahiim” kò ní fáwẹ̀lì ní ìparí, torí ibẹ̀ ni òun ti máa ń mí.

Àwọn orúkọ kan tún wà tó lágídí. Ibraahiim, Yuusuf, Faatimat, Aaiṣat: wọn kì í gba “n” láéláé, níbi tí àwọn yòókù bá sì ti gba “i”, “a” ni àwọn ń gbà. Ilaa Ibraahiima, ilaa Faatimata. Ọ̀pọ̀ orúkọ wòlíì tó ti inú èdè mìíràn wọ Lárúbáwá ló wà nínú ẹgbẹ́ yìí, pẹ̀lú orúkọ obìnrin tó parí bíi Faatimat. Muhammad kò sí níbẹ̀. Ilaa Muhammadin ni. Bí ẹ bá rí “a” lẹ́yìn “ilaa”, ẹ má yára sọ pé aṣìṣe ni. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí wọ́n ń dárúkọ.

Muusaa àti Iisaa ni wọ́n tún le jù, torí “aa” tó parí wọn kò gba àmì kankan. Bí wọ́n bá kọ “Nasara Muusaa Iisaa”, ẹnì kan ran ẹnì kejì lọ́wọ́, ìparí kò ní sọ ẹni tó ṣe é. Irú ibẹ̀ ni Lárúbáwá ti ń ṣe bíi Yorùbá: ẹni tó ṣíwájú ló ṣe é, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ wọn.

Ẹ dán an wò lórí ibi tó léwu

Nínú Súrà Fáátírì, ẹsẹ̀ 28, gbólóhùn kan wà tí àwọn áfáà máa ń fi dán ọmọ wò: innamaa yahṣaa-llaaha min ibaadihi-l-ulamaau. “Yahṣaa” ni “ó ń bẹ̀rù”. Orúkọ Ọlọ́run ló tẹ̀ lé e, àwọn onímọ̀ ló wà ní ìparí. Ẹni tó bá ń ka Lárúbáwá bíi Yorùbá yóò rò pé ẹni tó kọ́kọ́ rí ló ń bẹ̀rù. Ẹ wo ìparí: llaaha, “a”, òun ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ulamaau, “u”, àwọn onímọ̀ ló ń bẹ̀rù. Nínú àwọn ẹrú Ọlọ́run, àwọn onímọ̀ ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Bí ahọ́n bá ṣì ka “llaahu” àti “ulamaa-a”, ó ti sọ pé Ọlọ́run ló ń bẹ̀rù àwọn áfáà. Lẹ́tà kan kò yí padà, fáwẹ̀lì kéékèèké méjì péré ló yí. Àwọn áfáà àtijọ́ tó dúró lé wa lórí pẹ̀lú pàṣán mọ ohun tí wọ́n ń ṣọ́.

Ẹ mú kálàmù báyìí, kí ẹ fi ìparí sí èyí fúnra yín. “Haraja” ni “ó jáde”, “bayt” ni ilé: Haraja Muusaa min bayt_ Faatimat_ yawm_ l-jumuat_ ilaa bayt_ Ibraahiim_.

Bayti ni ti àkọ́kọ́, torí “min”. Faatimata ló tẹ̀ lé e: òun ló ni ilé, “i” ló tọ́ sí i, ṣùgbọ́n orúkọ náà lágídí. Yawma, torí ìgbà ni. Jumuati, torí òun ló ni ọjọ́. Bayti tún ni, torí “ilaa”. Ibraahiima ló kẹ́yìn, ìdí kan náà pẹ̀lú ti Fátímà. Kò sí “n” kankan ní gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá kọ “baytin”, kó tún wo ìgbésẹ̀ kẹrin. Muusaa ló jáde, ó gba “u” tí kò sẹ́ni tó lè rí i.